Bó ṣe yẹ ká máàkì ìdáhùn tó to ìtàn rẹfolúṣọ̀n sílẹ̀ lọ rẹrẹ àmọ́ tí ò dáhùn ìbéèrè

Ẹ̀yin tíṣà ìtàn, ẹ mọ irú pépà tí mò ń sọ. Ọmọ kọ ojú ewé mẹ́ta, déètì wà ńbẹ̀, orúkọ wà ńbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, ẹ kà á tán, ẹ wá ń wò ó pé ibo gan-an lọmọ yìí ti dá mi lóhùn? Ẹlòmíì á fún un ní máàkì gidi torí pé ọmọ náà kàwé, inú á bí ẹlòmíì á fi 3 sí i, àwọn méjèèjì ò sì ní lè ṣàlàyé fọ́mọ náà ohun tó fa máàkì tó gbà. Ìdáhùn kan ni màá fi ṣàpẹẹrẹ látòkèdélẹ̀, lórí rẹfolúṣọ̀n ilẹ̀ Faransé, torí òun ni irú nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù, ìtàn rẹ̀ dùn, ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kì í fẹ́ dákẹ́ mọ́.

Ìbéèrè tá a bi wọ́n nìyí: "Gbèsè tó wọ ìjọba lọ́rùn ló fa rẹfolúṣọ̀n Faransé lọ́dún 1789. Báwo lo ṣe gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí tó?" Máàkì 20. Ẹ jẹ́ ká ní gáìdì tí wọ́n fún yín pín in sí ìpele mẹ́rin. 1 sí 5 ni ti ẹni tó mọ nǹkan díẹ̀ nípa kókó náà, 6 sí 10 ni ti ẹni tó sọ ìtàn náà dáadáa àmọ́ tí ò fi bẹ́ẹ̀ so ó mọ́ ìbéèrè. 11 sí 15 ni ti ẹni tó dáhùn ìbéèrè tó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, 16 sí 20 ni ti ẹni tó gbé ìdí kan sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú òmíì tó sì dájọ́. Tí gáìdì tiyín bá yàtọ̀, ẹ tẹ̀ lé tiyín, ọ̀nà tá a máa gbà ṣiṣẹ́ ò yí padà.

1. Kẹ́ ẹ tó ṣí pépà kankan, ẹ tú ìbéèrè yẹn palẹ̀

Ẹ mú bébà kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ ṣe sí i, ní gbólóhùn kan péré. Fún ìbéèrè tiwa, ohun tí màá kọ ni pé: "Ó gbọ́dọ̀ sọ bí gbèsè ṣe lágbára tó láti fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1789, kó sì fi í wé ó kéré tán ìdí míì kan." Ó parí. Ẹ ṣàkíyèsí pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Àkọ́kọ́ ni "báwo lo ṣe gbà tó", tó túmọ̀ sí pé ìdájọ́ là ń bi í, kì í ṣe ìtàn. Ìkejì ni "fa", tó ń béèrè ìdí. Ìkẹta ni 1789, tó jẹ́ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ẹ fi bébà yẹn síwájú yín títí tẹ́ ẹ máa fi máàkì tán, torí tó bá fi máa di pépà ogún, ohun tẹ́ ẹ bá kà nínú pépà tó kẹ́yìn ni ọkàn yín á máa fi ṣe òṣùwọ̀n.

Kí n tún sọ eléyìí: tó bá jẹ́ pé "Ṣàpèjúwe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ 1789" ni wọ́n bi ọmọ, títo ìtàn sílẹ̀ gan-an ni ìdáhùn, ẹ má lọ fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí gbogbo kíláàsì bá to ìtàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ padà lọ wo ìbéèrè tẹ́ ẹ kọ.

2. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan láì mú bíró dání

Ìdáhùn ọmọ náà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan:

(1) "Louis Kẹrìndínlógún di ọba lọ́dún 1774. Ìyàwó rẹ̀ ni Marie Antoinette tó wá láti Austria. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn èèyàn Faransé sí, àwọn àlùfáà, àwọn ọ̀tọ̀kùlú àti àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn mẹ̀kúnnù ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó orí."

(2) "Faransé dá sí ogun Amẹ́ríkà lọ́dún 1778, wọ́n sì yá owó púpọ̀. Lọ́dún 1786, Calonne sọ fún ọba pé owó ti tán. Lọ́dún 1787 wọ́n pe àwọn ọ̀tọ̀kùlú jọ, àmọ́ wọn ò gbà sí owó orí tuntun. Ní oṣù kẹjọ 1788 ìjọba ò rówó san gbèsè mọ́, nítorí náà ọba ní kí wọ́n pe àpérò ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

(3) "Ní ọjọ́ 13 oṣù keje 1788, yìnyín ba irè oko jẹ́, búrẹ́dì wá wọ́n. Àpérò bẹ̀rẹ̀ ní Versailles ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 1789. Wọn ò tíì pè é látọdún 1614. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ìsọ̀rí kẹta pe ara wọn ní Àpéjọ Orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 20, wọ́n búra ní gbọ̀ngàn tẹ́nìsì. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje wọ́n kọ lu Bastille, ẹlẹ́wọ̀n méje péré ló wà níbẹ̀."

(4) "Wọ́n bẹ́ orí ọba ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1793. Robespierre pa ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì bẹ́ orí òun náà lọ́dún 1794. Napoleon gbàjọba lọ́dún 1799."

(5) "Nítorí náà, mo gbà pé gbèsè ló fa rẹfolúṣọ̀n Faransé."

Ìdí tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ mú bíró ni pé tọwọ́ bá ti ń fa íńkì, gbogbo déètì tó bá tọ̀nà lẹ máa máa gbá máàkì sí, tẹ́ ẹ bá wá padà wo ojú ewé, tíìkì mẹ́rìndínlógún ló ń wò yín lójú, ó wá ń dà bí ẹni pé 16 ló gbà. Tíìkì ò sì sọ nǹkan kan ju pé òótọ́ ni. A ò sì bi í bóyá òótọ́ ni Bastille ṣubú.

3. Ìkà kejì: kí ni gbólóhùn yìí ń ṣe?

Ẹ wá mú bíró báyìí. Dípò tíìkì, lẹ́tà mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ máa kọ sétí ìwé. Ẹ kọ M síbi tó bá ti fi hàn pé òun mọ nǹkan. Ẹ kọ S síbi tó bá ti so nǹkan tó mọ̀ mọ́ ohun tá a bi í. Ẹ kọ D síbi tó bá ti dájọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é fún pépà bíi mẹ́fà, ojú yín á ti mọ́ ọn lára.

Ìpínrọ̀ kìíní, M ni látòkèdélẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí yẹn sún mọ́ gbèsè o, torí tí àwọn tó lówó jù bá ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ owó orí, kò sí bí ìjọba ṣe máa rówó san gbèsè, àmọ́ ọmọ náà ò sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nínú ọkàn yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀. A mọ ìtàn náà ju ọmọ lọ, tá a bá ti rí òótọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwa la máa ń so wọ́n pọ̀, a óò wá fún ọmọ ní máàkì iṣẹ́ tá a fọwọ́ ara wa ṣe. Tí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ náà ò bá sí lórí bébà, bíi "torí pé", "èyí ló jẹ́ kí", "ohun tó wá yọrí sí", M lẹ máa kọ.

Ìpínrọ̀ kejì ló dáa jù. Ẹ wò ó, "ìjọba ò rówó san gbèsè mọ́, nítorí náà ọba ní kí wọ́n pe àpérò". S ni yẹn, S gidi. Ó sọ pé gbèsè ló ti ọba débi tó fi pe àpérò, àpérò yẹn sì ni ilẹ̀kùn tí rẹfolúṣọ̀n gbà wọlé. Tíṣà tó bá le lè sọ pé ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1788 ni wọ́n kéde ọjọ́ tí àpérò máa bẹ̀rẹ̀, pé ọjọ́ 16 ni ìjọba wá dá apá kan owó tó yẹ kó san dúró, pé ọmọ ti yí i po. Òótọ́ ni, ẹ kọ ọ́ sétí ìwé ní lẹ́tà kékeré, àmọ́ ẹ má yọ S yẹn kúrò, torí àpò ìjọba ti ń gbẹ kí wọ́n tó ṣe ìkéde rárá, ìdí tó sọ náà dúró. Àṣìṣe tó ba àlàyé jẹ́ yàtọ̀ sí àṣìṣe tí ò bà á jẹ́.

Ìpínrọ̀ kẹta ló dùn mí jù, torí gbogbo ohun tó lè fi gba 17 ló wà níbẹ̀, ó sì kàn ń kọjá lára wọn lọ ni. Búrẹ́dì tó wọ́n, ìdí míì nìyẹn tó yẹ kó gbé kojú gbèsè. 1614, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ìjà yẹn kì í ṣe torí gbèsè mọ́ rárá, torí bí wọ́n ṣe máa dìbò ni, bóyá ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á ní ìbò kan ṣoṣo ni àbí aṣojú kọ̀ọ̀kan á dìbò tirẹ̀. M, M, M, M.

Ìpínrọ̀ kẹrin ti jáde kúrò nínú ìbéèrè pátápátá. Ẹ kọ òdo síbẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọjá. Ẹ má yọ máàkì torí ẹ̀, wọn kì í yọ máàkì fún ohun tí ò wúlò, àmọ́ ẹ má fún un ní nǹkan kan náà, àní bó ṣe pé òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àkókò tó fi kọ ọ́ ti tó ìyà fún un.

Ìpínrọ̀ karùn-ún, ṣé D ni? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

4. Ẹ yí ìdájọ́ ìparí padà kẹ́ ẹ wò ó

Ìdánwò kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ mú gbólóhùn tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ yí i sí òdìkejì: "Nítorí náà, mi ò gbà pé gbèsè ló fa rẹfolúṣọ̀n Faransé." Kẹ́ ẹ wá padà ka ìdáhùn náà látòkè. Ṣé ọ̀rọ̀ kankan wà lókè tó máa ní láti yí? Nínú tọmọ yìí, àfi gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn nínú ìpínrọ̀ kejì ló máa jà díẹ̀, gbogbo ìyókù á dúró bó ṣe wà, kò ní kan wọ́n. Ìyẹn ni pé wọ́n kàn lẹ ìdájọ́ náà mọ́ ìparí ni, "nítorí náà" tí ò ní ìdí kankan lẹ́yìn. Mo máa ń fi D sínú àkámọ́ nírú ibi bẹ́ẹ̀, ká lè mọ̀ pé ọmọ rántí pé wọ́n bi òun ní nǹkan, àmọ́ kò lè gbé ìdáhùn náà kúrò ní ìpele kejì.

Tọ́kàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bo ìbéèrè mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìdáhùn náà méfò ìbéèrè tí wọ́n bi í. Èyí tẹ́ ẹ máa sọ ni "Sọ ìtàn Faransé láti 1774 sí 1799". Ìbéèrè tọ́mọ dáhùn gan-an nìyẹn.

5. Ìpele ló kọ́kọ́ ń bọ̀, nọ́ńbà á tẹ̀ lé e

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì láti òdo lọ sókè. Ẹ bi ara yín pé ìpele wo ni gbogbo iṣẹ́ yìí jọ jù. Tọmọ wa, ìpele kejì ni, kò sí àríyànjiyàn, ó sọ ìtàn, ó sì so díẹ̀ mọ́ ìbéèrè. Ká wá wo ibi tó dúró sí láàárín 6 sí 10. Ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì péye, ìyẹn gbé e kúrò nísàlẹ̀. S kan tó dúró ṣinṣin wà níbẹ̀. Ohun tó fà á sẹ́yìn ni pé ìpínrọ̀ kan odidi bọ́ síta, ìdájọ́ náà sì jẹ́ àlẹ̀mọ́. Èmi á fún un ní 8. Tẹ́lòmíì bá fún un ní 9, mi ò ní bá a jà, àmọ́ ẹni tó bá fún un ní 13 máa fi gbólóhùn tọ́mọ ti dá wa lóhùn hàn mí, ẹni tó bá sì fún un ní 4 máa sọ fún mi ohun tó fẹ́ ṣe sí gbogbo ìpínrọ̀ kejì yẹn.

Àwọn nǹkan tó máa ń ti èèyàn gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ ni gígùn, ọwọ́ ìkọ̀wé tó rẹwà, àti pípọ̀ déètì. Ohun tó máa ń gbé e sí ìsàlẹ̀ ni ìbínú. Ohun tí mo máa ń ṣe láti fi mọ̀ bóyá mo ti yẹ̀ ni pé màá wá ìdáhùn kúkúrú kan nínú ìdì kan náà, irú ti ọmọ tó kọ ojú ewé kan, tó mọ nǹkan mẹ́ta péré, àmọ́ tó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ìdí tí gbèsè nìkan ò fi tó. Tí òun bá gba 11, kò yẹ kí eléyìí kọjá rẹ̀, bó ti wù kó gùn tó. Tó bá kọjá, gígùn lẹ máàkì.

6. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ sí i

"Túbọ̀ ṣàlàyé", "kò jinlẹ̀ tó", "dáhùn ìbéèrè", ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè ì bá ti dáhùn ẹ̀. Tó bá rí "túbọ̀ ṣàlàyé", ohun tó máa gbọ́ ni pé kó fi déètì kún un, lọ́jọ́ míì ojú ewé márùn-ún ló máa kọ fún yín.

Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú òótọ́ tó ti kọ fúnra rẹ̀, èyí tó sún mọ́ ìdáhùn jù, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1614, èmi á kọ pé: "Ó lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn ọba fi ṣe é láìpe àpérò yìí. Kí ló ká eléyìí lọ́wọ́ kò tó fi wá pè é?" Ọmọ náà mọ ìdáhùn o, òun ló kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ kejì! Kò kàn tíì rí i pé àwọn méjèèjì jọ ń sọ nǹkan kan náà ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, mo lè kọ pé: "Ṣé gbèsè ìjọba ló mú búrẹ́dì wọ́n?" Rárá ni, ojú ọjọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìdí kejì ti máa yọ sí i. Ìbéèrè méjì yìí ti tó fún odidi pépà kan. Tí ẹ bá kọ mẹ́jọ, kò ní dáhùn ìkankan.

Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ máàkì, kẹ́ ẹ kọ ìdí rẹ̀ lọ́nà tó máa yé e: "8. Ìtàn tó o mọ̀ péye. Ìgbà kan ṣoṣo lo sọ ohun tí gbèsè fà, níbi tó o ti kọ 'nítorí náà ọba'. Wá irú gbólóhùn yẹn sí ìparí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan."

7. Kó tún ìpínrọ̀ kan kọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ní kó tún gbogbo ẹ̀ kọ, ìtàn kan náà ló máa dà kọ, á kàn rẹwà sí i. Ẹ ní ìpínrọ̀ kẹta nìkan ni kó mú, kó má fi déètì tuntun kankan kún un, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìdáhùn, kì í ṣe ọjọ́. Ohun tó lè jáde nìyí tó bá ṣe é dáadáa:

"Gbèsè ló mú kí ọba pe àpérò tí wọn ò pè látọdún 1614, àmọ́ gbèsè nìkan kọ́ ló sọ àpérò yẹn di rẹfolúṣọ̀n. Nígbà tí ìsọ̀rí kẹta pe ara wọn ní Àpéjọ Orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 1789, ohun tí wọ́n ń jà fún ni ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú, wọn ì bá sì jà á kódà kí àpò ìjọba kún. Àwọn ará Paris tó kọ lu Bastille ní oṣù keje, búrẹ́dì tó wọ́n àti ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ogun tí ọba kó jọ yí ìlú ká ló lé wọn jáde. Torí náà, gbèsè ló ṣílẹ̀kùn, àmọ́ ìjà lórí agbára àti ebi ló wọlé."

Ẹ wò ó pé ẹlẹ́wọ̀n méje ti pòórá. Kò sẹ́ni tó ní kó yọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ìbúra gbọ̀ngàn tẹ́nìsì náà ti lọ. Òótọ́ tó kù dín kù sí tàtẹ̀yìnwá, síbẹ̀ tí gbogbo pépà bá rí báyìí, kò ní wà nísàlẹ̀ 16.

Tí ọmọ bá wá mú àtúnkọ wá tó kàn jẹ́ pé ó ki "èyí fi hàn pé gbèsè ló fà á" sí ìparí gbogbo gbólóhùn, àní lẹ́yìn orúkọ Marie Antoinette, ẹ má bínú, ó wọ́pọ̀, ó ti gbọ́ pé kóun so ó pọ̀, kò tíì gbọ́ pé ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ẹ tọ́ka sí ọ̀kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ bi í lẹ́nu pé "báwo?" Tó bá lè dáhùn lẹ́nu, ẹ ní kó kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Tí ò bá lè dáhùn, ẹ ní kó fa igi lé gbólóhùn náà, kẹ́ ẹ sún mọ́ èyí tó kàn.